Ta ni yóò ru gbèsè náà? Abala ẹ̀bi nínú àdéhùn òwò tí a ń túmọ̀ sí Faransé

Akọ̀wé_Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó fẹ́ ta ẹ̀rọ kóòdù-rúùmù fún oníṣòwò ẹja dídì kan ní Kútọ̀nú, 40 mílíọ̀nù fàráńkì sẹ́fà, tòun ti àtúnṣe ọdún kan. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ àdéhùn náà, èmi ni mò ń túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Gbogbo rẹ̀ ti tán, ó ku abala yìí:

```
The Supplier shall indemnify and hold harmless the Buyer
from and against any and all claims, losses and expenses
arising out of the Supplier's negligence. In no event shall
the Supplier be liable for indirect or consequential loss.
The Supplier's total liability shall not exceed the Price,
save for gross negligence or wilful misconduct.
```

Ṣé kí n tẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀-sí-ọ̀rọ̀, àbí kí n kọ ọ́ bí lọ́yà Faransé ṣe máa ń kọ ọ́? Ọ̀gá tó gbé iṣẹ́ fún mi ní kí n má yí nǹkan kan padà.

---

Lọ́yà_Ìkẹjà

Ọ̀rọ̀-sí-ọ̀rọ̀ ni o. Nínú àdéhùn, kò sí ọ̀rọ̀ tó wà lásán. Bí lọ́yà bá kọ "indemnify", tó tún kọ "hold harmless", ó ní ìdí. Bí o bá yọ ọ̀kan, tí ìjà bá dé, ìwọ ni wọn yóò bi léèrè. Atúmọ̀-èdè kì í ṣe lọ́yà, kó má gbé ìpinnu tí kì í ṣe tirẹ̀ rù.

Gbólóhùn kejì kò le rárá. "Dommages indirects" ni wọ́n ń pè é ní Faransé. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé olùtajà kò ní san èrè tí olùrà pàdánù. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó parí.

---

Adé_Atúmọ̀

Apá àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà, mo fara mọ́ ọn: atúmọ̀ kò gbọdọ̀ yọ ọ̀rọ̀ kúrò láìsọ fún ẹni tó ni iṣẹ́. Apá kejì ni mi ò lè gbà, torí ibẹ̀ gan-an ni owó wà.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, Akọ̀wé, ẹ ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn nínú àdéhùn yẹn. Ẹ wo abala méjì: èyí tó sọ òfin ilẹ̀ tí wọn yóò lò, àti èyí tó sọ èdè tó borí bí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé bá ta ko ara wọn. Bí òfin Nàìjíríà bá ni, tí Gẹ̀ẹ́sì sì borí, Faransé yín jẹ́ fìtílà lásán, kí olùrà lè rí ohun tó wà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà yẹn, ẹ súnmọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹ bá ti lè súnmọ́ ọn tó, kódà bí etí Faransé kò bá fẹ́ ẹ púpọ̀. Bí òfin Bẹ̀nẹ̀ bá ni, tí Faransé náà sì ní agbára, ohun tí ẹ kọ ni adájọ́ máa kà, òfin tirẹ̀ ló sì máa fi kà á. Ìdáhùn sí ìbéèrè yín ń yí padà láti ibẹ̀.

---

Akọ̀wé_Kétu

Mo ṣí i. Òfin Bẹ̀nẹ̀ ni, ilé-ẹjọ́ okòwò Kútọ̀nú ni wọ́n yàn. Nípa èdè, wọ́n ní méjèèjì "font également foi", agbára kan náà ni wọ́n ní.

---

Ìyá_Onísìlíńdà

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kì í ṣe adójútòfò ni ọ̀rọ̀ yìí? Èmi náà ń kó ọjà wọlé láti Kútọ̀nú. Ìwé adójútòfò tí wọ́n fún mi ní Faransé sọ pé wọn kò ní san "dommages immatériels consécutifs". Mo rò pé òun náà ni "consequential" yẹn. Ẹ kàn kọ "dommages consécutifs", kó bá ti àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò mu.

---

Adé_Atúmọ̀

Màmá, ẹ ṣeun. Adójútòfò kọ́ ni ọ̀ràn yìí, ìlérí láàrin olùtajà àti olùrà ni, ẹnì kẹta kankan kò gba owó adójútòfò. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ mú wá wúlò gan-an, ó sì fi hàn ìdí tí Akọ̀wé kò fi gbọdọ̀ lo ọ̀rọ̀ yẹn. Nínú ìwé adójútòfò yín, "consécutifs" ń tọ́ka sí owó tó bọ́ lẹ́yìn tí nǹkan kan ti bàjẹ́ lójú: ẹ̀rọ jóná, iṣẹ́ dúró, èrè kò wọlé. Oníṣòwò tó ń sọ Faransé máa ka "dommages consécutifs" bí ẹ ṣe kà á yẹn. Gẹ̀ẹ́sì inú àdéhùn yìí kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra létí, wọn kò jọra lápò.

---

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìjókòó. Bí òfin Bẹ̀nẹ̀ bá ni, ẹ jẹ́ kí n wí ohun tó wà nílẹ̀.

Ẹ̀yin kan lè máa wo inú ìwé òfin ilẹ̀ Faransé tuntun, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2016, tí nọ́ńbà abala ẹ̀bi àdéhùn inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1231. Kì í ṣe ìyẹn. Ní ọ̀ràn àdéhùn, Code civil àtijọ́ tí a jogún lọ́wọ́ ìjọba àmúnisìn ni a ṣì ń lò, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́. Àwọn òfin OHADA, àjọ tó ń so òfin òwò àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan pọ̀, náà wà lórí òwò, ṣùgbọ́n OHADA kò ní òfin kan tó kó gbogbo ọ̀rọ̀ àdéhùn pọ̀, nítorí náà Code civil ni a ń padà sí. Abala mẹ́ta nínú rẹ̀ ló kan ọ̀ràn yín.

Àkọ́kọ́ ni 1149: ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ gba ohun tó pàdánù, ó sì tún gba èrè tí wọ́n fi dù ú. Ẹ̀yin Lọ́yà, ẹ gbọ́ o, èrè wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìkejì, 1150: kò ní gbà ju ohun tí wọ́n ti rí tẹ́lẹ̀ tàbí tó yẹ kí wọ́n rí nígbà tí wọ́n ń ṣe àdéhùn, àfi bí ẹni tó ṣẹ̀ bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìkẹta, 1151: kódà bó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ohun tó tẹ̀ lé ẹ̀ṣẹ̀ náà ní tààràtà nìkan ni yóò san, "suite immédiate et directe".

Ẹ wá wo ohun tí "dommages indirects" máa ṣe. Òfin fúnra rẹ̀ ti sọ pé ẹnikẹ́ni kì í san èyí tí kò tààrà. Bí ẹ bá wá kọ ọ́ pé olùtajà kò ní san án, kí lẹ yọ? Ohun tí kò sí nílẹ̀ lẹ yọ.

---

Lọ́yà_Ìkẹjà

Ṣé ẹ ń sọ pé èrè tó bọ́ lè jẹ́ "direct"? Nílé-ẹjọ́ tiwa, gbogbo oníṣòwò ló mọ̀ pé gbólóhùn yìí ń yọ èrè kúrò.

---

Adé_Atúmọ̀

Ẹ̀gbọ́n, àwọn oníṣòwò ló gbà bẹ́ẹ̀, òfin Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ gbà. Ẹ rántí ẹjọ́ Hadley àti Baxendale ti 1854, tí ọ̀pá ẹ̀rọ ìlọ̀ ṣẹ́, tí ẹni tó ń gbé e lọ tún fi í falẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ilé-ẹjọ́ là. Ọ̀nà kìíní ni àdánù tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹ̀. Ọ̀nà kejì ni àdánù pàtàkì tí olùtajà kò lè mọ̀ àfi bí wọ́n bá sọ fún un. Bí àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kà á láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀nà kejì yìí nìkan ni "indirect or consequential" ń yọ. Èrè ojoojúmọ́ lè wà ní ọ̀nà kìíní, kó sì jẹ́ sísan.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹja yìí ṣe àpẹẹrẹ. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ dákẹ́ nítorí pé òṣìṣẹ́ olùtajà kò dè é dáadáa. Ẹja tó tó 12 mílíọ̀nù bàjẹ́. Ọjà dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, èrè ojoojúmọ́ tó lọ jẹ́ 6 mílíọ̀nù. Olùrà sì ti sọ fún olùtajà nígbà tí wọ́n ń ṣe àdéhùn pé òun ní iṣẹ́ pàtàkì pẹ̀lú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì, iṣẹ́ náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: èrè 9 mílíọ̀nù. Àpapọ̀ 27, kò tíì dé 40 tó jẹ́ òpin.

Níbi tí wọ́n bá ti ń lo òfin irú ti Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn yìí yọ 9 mílíọ̀nù hòtẹ́ẹ̀lì. Olùtajà san 18. Ní Kútọ̀nú, bí Akọ̀wé bá kọ "dommages indirects", adájọ́ lè sọ pé olùtajà ti mọ̀ nípa hòtẹ́ẹ̀lì, ó rí i tẹ́lẹ̀, àdánù náà sì tẹ̀ lé ẹ̀rọ tó dákẹ́ ní tààràtà. Kì í ṣe "indirect". Olùtajà san 27. Ọ̀rọ̀ méjì tó jọra, 9 mílíọ̀nù láàrin wọn.

---

Akọ̀wé_Kétu

Ó ṣe mí bíi kí n kọ "manque à gagner" síbẹ̀ nígbà náà, kí n yọ èrè kúrò ní gbangba. Ṣé mo lè ṣe é?

---

Adé_Atúmọ̀

Ẹ má ṣe é fúnra yín o. Bí ẹ bá kọ ọ́, ẹ ti yọ 9, ẹ sì tún ti yọ 6 tí Gẹ̀ẹ́sì kò yọ. Ẹ ti ran olùtajà lọ́wọ́ ju bí àdéhùn ṣe sọ lọ, olùrà sì lè má mọ̀ títí ọjọ́ ìjà. Ìdúnàádúrà nìyẹn, kì í ṣe ìtumọ̀.

Ohun tí ẹ máa ṣe ni kí ẹ túmọ̀ ohun tó wà nílẹ̀, "pertes indirectes", kí ẹ sì kọ àkíyèsí sí ẹni tó ni iṣẹ́. Ẹ sọ fún un pé lábẹ́ òfin tí wọ́n yàn, gbólóhùn yìí lè má dáàbò bo olùtajà rárá. Bó bá fẹ́ ààbò, kí lọ́yà rẹ̀ to orúkọ àdánù tí wọn kò ní san ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: dídúró iṣẹ́, èrè tó bọ́, oníbàárà tó lọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ tún Gẹ̀ẹ́sì ṣe, kí olùrà gbà á, ìgbà yẹn ni ẹ óò túmọ̀ rẹ̀. Àdéhùn tí èdè méjèèjì ní agbára kan náà kò gbọdọ̀ ní ohun kan nínú Faransé tí kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì.

---

Lọ́yà_Ìkẹjà

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni mò ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, pé kó má fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i. Ti èrè, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì dá mi lóhùn lórí "hold harmless".

---

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Mo ti rí ìwé tí wọ́n ti kọ "tenir inoffensif". Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e dé Kútọ̀nú. "Inoffensif" ni ajá tí kì í gé èèyàn jẹ. Èèyàn á kà á, kò ní mọ ohun tí wọ́n ń sọ, adájọ́ náà kò ní mọ̀. Èso ọ̀rọ̀-sí-ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó jù ni ti "indemnify" fúnra rẹ̀. "Indemniser" fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ lójú, àmọ́ ó ń sọ pé a san owó láti fi tún àdánù ṣe lẹ́yìn tó ti ṣẹlẹ̀. Bí oníbàárà kan bá jẹ ẹja tó ti bàjẹ́, tó sì gbé olùrà lọ sí kóòtù, olùrà kò fẹ́ kọ́kọ́ sanwó tán kó tó wá béèrè. Ó fẹ́ kí olùtajà wọlé sínú ẹjọ́ náà, kó dúró níwájú rẹ̀. "Garantir" ni ọ̀rọ̀ tó ń ṣe ìyẹn lọ́dọ̀ wa. Lórí rẹ̀ ni a fi ń pe ẹni tó ṣe ìlérí wá sínú ẹjọ́, tí a ń pè ní "appel en garantie".

---

Adé_Atúmọ̀

Bẹ́ẹ̀ ni. Fún "hold harmless", "tenir indemne" wà, Faransé gidi ni, kò sì ba nǹkan kan jẹ́. Àwọn lọ́yà tó ń lo Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń jà lórí bóyá "hold harmless" fi nǹkan kún "indemnify" tàbí kò fi kún un. Bí àwọn tó ni ọ̀rọ̀ kò bá tíì fẹnu kò, kí atúmọ̀ má yọ ọ́. Ti "any and all", èyí kò gba ìjà: "toutes" kó gbogbo rẹ̀. Bákan náà, "from and against" kò nílò ọ̀rọ̀ méjì. Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú túmọ̀ "shall". Àdéhùn Faransé ń sọ ọ́ bí ohun tó ń lọ lọ́wọ́: "garantit", kì í ṣe "garantira".

Ohun kan tó máa ń tan àwọn tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dùn: wọ́n á kọ "toute réclamation de tiers", torí pé bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn Faransé sábà máa ń rí. Gẹ̀ẹ́sì yìí kò sọ pé ti ẹnì kẹta nìkan. Ó ní "claims, losses and expenses", ẹja 12 mílíọ̀nù tí olùrà fúnra rẹ̀ pàdánù lè wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi "de tiers" kún un, ẹ ti gé e kúrò lọ́wọ́ olùrà.

Bó ṣe máa rí lójú tèmi nìyí:

```
Le Fournisseur garantit l'Acheteur et le tient indemne
de toutes réclamations, pertes et dépenses résultant
de la faute du Fournisseur. Le Fournisseur ne répond
en aucun cas des pertes indirectes. Sa responsabilité
totale ne peut excéder le Prix, sauf faute lourde ou dol.
```

Ẹ máa rí i pé "indirect or consequential" di ọ̀rọ̀ kan. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ohun kan náà ni méjèèjì ń sọ nínú irú gbólóhùn yìí, ohun tí Màmá sì fi hàn wá nípa "consécutifs" ti tó láti má mú un wọlé. Ẹ kọ ọ́ sínú àkíyèsí yín pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kí wọ́n má rò pé ẹ gbàgbé.

---

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Mi ò fara mọ́ "faute" ní ìlà kẹta. Gẹ̀ẹ́sì sọ "negligence". Code civil náà ní "négligence", ó wà ní 1383. "Faute" fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti ṣe iṣẹ́, "faute" ni, ẹni tó kàn pẹ́ dé, "faute" ni. Ẹ ti sọ ẹrù tuntun lé olùtajà lórí.

---

Adé_Atúmọ̀

Mo mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ìdí tí mo fi mú "faute" ni pé "negligence" nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe àìbìkítà lásán, ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ojúṣe, àìṣe ojúṣe, àti àdánù. "Faute" ló dúró ní ipò yẹn nínú Faransé. Bí ẹ bá kọ "négligence", adájọ́ lè gbà pé àìbìkítà nìkan ni, kí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ba iṣẹ́ jẹ́ wá bọ́ nínú ìlérí náà. Ìyẹn náà kò dára.

---

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, òfin ti mú un tẹ́lẹ̀, kò nílò abala yìí. Èmi ṣì dúró lórí "négligence".

---

Ìyá_Onísìlíńdà

Ẹ má bínú, mo ṣì ń tẹ̀ lé e. Òpin 40 mílíọ̀nù yẹn, ṣé ó túmọ̀ sí pé kò sí bó ṣe máa rí, olùtajà kò ní san ju bẹ́ẹ̀ lọ?

---

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Rárá, Màmá. Ìdí nìyẹn tí "gross negligence" kò fi gbọdọ̀ di "négligence grave". Lọ́dọ̀ wa "faute lourde" ni ọ̀rọ̀ tí adájọ́ mọ̀, wọ́n sì ti ń fi í sí ipò kan náà pẹ̀lú "dol", mímọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ẹ bá kọ "négligence grave", ẹnì kan máa jiyàn pé ó kéré ju "faute lourde" lọ, pé òpin iye ti tètè wó. Ẹlòmíràn máa jiyàn pé kò kéré. Owó ìjiyàn nìyẹn, ọwọ́ lọ́yà ló ń lọ.

Ẹ fojú inú wò ó. Iná ìkìlọ̀ ẹ̀rọ náà ń tàn fún ọjọ́ mẹ́ta, olùrà pè lẹ́ẹ̀mẹrin, òṣìṣẹ́ olùtajà pa ìkìlọ̀ náà, ó ní kò sí nǹkan, ó sì lọ. Ìyẹn lè di "faute lourde". Bó bá di bẹ́ẹ̀, òpin 40 mílíọ̀nù ti lọ, kódà ká ní wọn kò kọ "save for" sínú àdéhùn rárá. Ohun tí "faute lourde" jẹ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹjọ́, ọwọ́ adájọ́ ni ó wà, kò sí ẹni tó lè fi ìtumọ̀ dè é.

---

Lọ́yà_Ìkẹjà

Bí "wilful misconduct" bá di "dol", ṣé kò dínkù? "Dol" tí mo mọ̀ jẹ́ ìtànjẹ láti fi mú èèyàn wọ inú àdéhùn.

---

Adé_Atúmọ̀

Ọ̀rọ̀ kan, ìlò méjì. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àdéhùn, ìtànjẹ ni. Nígbà tí wọ́n ń mú un ṣẹ, ó jẹ́ mímọ̀ọ́mọ̀ ṣàìṣe ohun tó yẹ, òun ni 1150 sì ń sọ. Bó bá ń ba yín lẹ́rù, ẹ kọ "faute intentionnelle". Kò ní ìtumọ̀ kejì, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe lọ́yà náà máa lóye rẹ̀. Ìyẹn ni mo lè yí nínú àbá mi.

---

Akọ̀wé_Kétu

Mo ti ṣe tábìlì kan: ìlà Gẹ̀ẹ́sì, Faransé tí mo kọ, ìdí, àti ìbéèrè. Mẹ́ta péré ni ìbéèrè inú rẹ̀. Ṣé wọ́n mọ̀ pé "pertes indirectes" lè má yọ nǹkan kan ní Kútọ̀nú, ṣé wọ́n fẹ́ to àdánù ní orúkọ ní orúkọ nínú Gẹ̀ẹ́sì? Ṣé ìlérí náà kan àdánù olùrà fúnra rẹ̀, tàbí ti ẹnì kẹta nìkan? Àti "faute" tàbí "négligence", pẹ̀lú ohun tí ẹ̀yin méjèèjì sọ lábẹ́ rẹ̀. Mo fi "garantit et tient indemne" sílẹ̀ bó ṣe wà, mo mú "faute lourde ou faute intentionnelle".

---

Lọ́yà_Ìkẹjà

Fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí lọ́yà olùrà náà, bí ẹni tó ni iṣẹ́ bá gbà. Kí wọ́n má wá sọ lọ́la pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló rí àkíyèsí yẹn.

---

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Kí wọ́n sì dáhùn lórí ìwé, kì í ṣe lórí fóònù. "Négligence" ni mo ṣì ń sọ o.